Lẹ́tà Ìkìlọ̀ fún Akọ̀wé Sítọ́ọ̀: Bí Ìgbà Mọ́kànlá Ṣe Di Márùn-ún

Ilé iṣẹ́ oníke ni ilé iṣẹ́ náà, ní Odogunyan, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù. Aago méje àárọ̀ ni ṣíífù ọ̀sán ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ kan tó lè ṣiṣẹ́ àfi tí akọ̀wé sítọ́ọ̀ bá ti ṣí ilẹ̀kùn, tó ka àpò róbà tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, tó sì buwọ́ lùwé pé ó ti jáde. Bí akọ̀wé bá pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á dúró ní ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbóná sílẹ̀ á sì máa jẹ iná lásán. Nítorí náà, nígbà tí súpáfáísọ̀ sítọ́ọ̀ bínú wọ ọ́fíìsì mi ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́tà tó fẹ́ kí n lu òǹtẹ̀ sí, mi ò lè sọ pé kò sídìí tó fi ń bínú.

Lẹ́tà tó gbé wá nìyí, mo yọ orúkọ kúrò:

"Ó ti di bárakú fún ọ láti máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti kìlọ̀ fún ọ, o ti pẹ́ nígbà mọ́kànlá. Ọ̀lẹ ni ọ́, o kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwáwí ọmọ àti ti ọkọ kò kan ilé iṣẹ́ yìí. A ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú owó oṣù rẹ. Tí o bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máa gba ilé rẹ lọ."

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ á ti rí irú lẹ́tà yìí rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lè dáhùn. Ọjọ́ wo ni? Aago mélòó ló dé? Ìlànà wo ló rú? "Ọ̀lẹ" kò ní ọjọ́, kò ní aago, kò sí ẹlẹ́rìí tó lè jẹ́rìí sí i. Tí ọ̀rọ̀ náà bá dé kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ yẹn ni agbẹjọ́rò rẹ̀ á kọ́kọ́ kà sókè.

Owó tí ó fẹ́ yọ yẹn wá burú ju èébú lọ. Apá karùn-ún Òfin Iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004 kò fàyè gbà á kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé tí òfin náà ń dáàbò bò. Kódà bí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí òfin ti fàyè díẹ̀ sílẹ̀ ni bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí tó ṣàìbìkítà, tó sì fa òfò tàbí ìbàjẹ́, kódà nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ̀wé fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní agbègbè wa ń yọ owó pípẹ́ yìí lóṣooṣù bí ẹni pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Èyí tí mo sọ fún súpáfáísọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé owó yẹn nìkan lè mú kí ilé iṣẹ́ jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ti jẹ̀bi tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà kọ ọ́ bó ṣe wù yín, kí ó ṣáà di ọjọ́ Mọ́ńdè kó gbà á."

Mo ní lẹ́tà kò lè jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ wa ti ṣètò bí nǹkan ṣe máa ń lọ. Òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi jì í láàárọ̀. Ẹni tó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà nígbà mẹ́ta láàárín oṣù kan, ìkìlọ̀ ẹnu ló máa kọ́kọ́ gbà, súpáfáísọ̀ á sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tún ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, kúẹ́rì ló kàn, òṣìṣẹ́ sì ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti fèsì. Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ni lọ́rùn, lẹ́tà ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, tí agbára rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà ìkìlọ̀ ìkẹyìn, kó tó wá di iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Lẹ́tà tí súpáfáísọ̀ kọ ti fo kúẹ́rì, ó ti fo lẹ́tà ìkẹyìn, ó ti fo ìgbìmọ̀, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú "máa gba ilé rẹ lọ".

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ìkìlọ̀ ẹnu tiẹ̀ wáyé. Súpáfáísọ̀ ní òun ti bá a wí tó ìgbà tí òun kò lè kà. Àmọ́ ìwí tí a kò kọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Orí bá wa ṣe é pé ẹyọ kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta: ìlà méjì péré, pé ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ lórí pípẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù náà, àmì ìbuwọ́lù akọ̀wé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà ojú ìwé yẹn lójú ẹsẹ̀. Ká ní kò sí i ni, ìkìlọ̀ ẹnu la ò bá ti tún bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí inú bí ẹnikẹ́ni tó.

Mo wá bọ́ sórí ìgbà mọ́kànlá náà. Orí ẹ̀rọ tí a ń tẹ ìka sí láàárọ̀ ni súpáfáísọ̀ ti kó wọn. Mo tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ náà, mo tún ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé rẹ́jísítà gééètì wá, mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ń lọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ojú ẹsẹ̀ ni ọjọ́ kan já. Ọjọ́ Orò ni, nígbà ọdún Magbo nínú ìlú Ìkòròdú, tí obìnrin kì í jáde. Máníjà fúnra rẹ̀ ló lẹ ìwé mọ́ ara ògiri kí ọjọ́ náà tó pé, pé kí àwọn obìnrin tó ń gbé nínú ìlú jókòó sílé, owó ọjọ́ náà kò ní dín. Ẹ̀rọ kò mọ Orò. Ó kàn rí i pé ìka kan kò tẹ̀ ẹ́, súpáfáísọ̀ sì kà á mọ́ èyí tó pẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú gbọ́dọ̀ ní kàlẹ́ńdà ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́, torí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìsinmi tí ìjọba kéde.

Ọjọ́ kejì tó já ni ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀ rán an lọ sí Àpápá láti lọ gba ìwé ẹrù. Ó dé ilé iṣẹ́ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Súpáfáísọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi hàn án, ó ní òun ti gbàgbé.

Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló gba àkókò mi. Inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, ẹ̀rọ sì kọ 7:14, 7:13 àti 7:16 sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó kọ́kọ́ fà mí lójú ni pé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, gbogbo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ láti Sábó ló "pẹ́" lórí ẹ̀rọ, àwọn tí kì í pẹ́ láéláé. Bí ènìyàn kan bá pẹ́, ó lè jẹ́ ti ẹni náà. Bí ènìyàn ogún bá jọ pẹ́ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan náà, aago ni kí a lọ wò. Rẹ́jísítà gééètì sọ pé ọkọ̀ náà wọlé ní 6:58, ẹ̀rọ sì sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ tẹ ìka ní 7:07. Láti gééètì dé ibi tí ẹ̀rọ wà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú kan lọ. Mo bi oníṣẹ́ iná wa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bátìrì ẹ̀rọ náà kú lópin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, òun pààrọ̀ rẹ̀, òun sì fi aago tó wà lọ́wọ́ òun tò ó, ìgbà tó di ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan wá tún un ṣe. Ẹ̀rọ fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣáájú àkókò gan-an. Yọ mẹ́jọ kúrò nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, 7:06, 7:05 àti 7:08 ló kù, gbogbo wọn sì wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi jì í.

Mọ́kànlá ti di mẹ́fà. Mẹ́fà náà wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n wà nínú rẹ́jísítà, méjèèjì sì bá ara wọn mu. Mẹ́fà ṣì tó fún kúẹ́rì dáadáa.

Kí n tó kọ kúẹ́rì, mo tẹ ìwé àwọn yòókù nínú sítọ́ọ̀ jáde fún àwọn ọ̀sẹ̀ kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń dun òṣìṣẹ́ jù. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú sítọ́ọ̀. Lẹ́yìn tí mo ti yọ ọ̀sẹ̀ tí aago sáré kúrò, ó pẹ́ nígbà méje. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kò sí ìlà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ súpáfáísọ̀. Mo bi súpáfáísọ̀.

"Háà, ìyẹn yàtọ̀ sà. Ọmọ yẹn máa ń dúró pẹ́ lálẹ́."

"Akọ̀wé náà ńkọ́, kì í dúró?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó máa ń dúró nígbà tí a bá ń ka ọjà."

Mo ní tí dídúró lálẹ́ bá lè pa pípẹ́ àárọ̀ rẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà kó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Títí a ó fi kọ ọ́, ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ ẹnu rẹ̀, kí a kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan lérò pé ìdọ́gba ni pé kí àwọn méjèèjì jọ gba lẹ́tà kan náà. Rárá o. Akàbà kan náà ni wọ́n jọ ń gùn, àmọ́ akọ̀wé ti tẹ ipele àkọ́kọ́, òun kò tíì tẹ̀ ẹ́. Bí a bá fún un ní kúẹ́rì lójijì kí ó lè bá ti akọ̀wé mu, òun náà ti di ẹni tí a fo ìlànà lé lórí. Súpáfáísọ̀ fún un ní ìkìlọ̀ ẹnu lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lójú mi.

Ọjọ́ Mọ́ńdè náà ni akọ̀wé gba kúẹ́rì. Kò gùn: ọjọ́ mẹ́fà, aago tí ó dé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ìkìlọ̀ ẹnu ti 18 oṣù kẹta, àti gbólóhùn kan pé kó ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kí ló dé tí a kò fi ní fìyà jẹ ọ́". Gbólóhùn yẹn ti wọ kúẹ́rì lára ní ilẹ̀ wa, àmọ́ ó ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ọ, àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Èsì rẹ̀ kún ojú ìwé méjì. Ó gbà pé òun pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun méjì tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni wa.

Àkọ́kọ́, ó ní lọ́jọ́ 8 oṣù karùn-ún, tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn. Mo padà sínú rẹ́jísítà. Òótọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà tiẹ̀ ti kọ "gòsíló, tírélà" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, òṣìṣẹ́ tó lé ní ogún sì wọlé lẹ́yìn 7:20. A kò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìkìlọ̀. Ọjọ́ yẹn já, ó ku márùn-ún. Bí a bá ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ tààrà láìkọ kúẹ́rì ṣáájú, ọjọ́ tírélà ì bá wà nínú rẹ̀, ọjọ́ náà ni akọ̀wé ì bá sì kọ́kọ́ nà síta láti fi hàn pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Èkejì ló le. Ó ń gbé ní Igbógbó. Ìyá rẹ̀ ló ń mú ọmọ rẹ̀ kékeré lọ sí ilé ìwé tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìyá náà padà sí Ìjẹ̀bú níparí oṣù kejì. Ilé ìwé kì í ṣí gééètì kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Láti ibẹ̀ ó ní láti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Sábó, kó tún wọ dáńfó dé Odogunyan. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dára, 7:10. Lọ́jọ́ tí kò bá dára, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní òun ti bẹ súpáfáísọ̀ lóṣù kẹta pé kó jẹ́ kí òun máa wọṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀, kí òun sì máa fi ààbọ̀ wákàtí kún un lálẹ́.

Mo wo àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ọdún náà. Oṣù kẹta ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí pípẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó lọ́wọ́ ẹni tí kì í pẹ́, nǹkan kan ti yí padà nílé rẹ̀ tàbí lójú ọ̀nà rẹ̀, ó sì yẹ kí a béèrè kí ó tó di ti kúẹ́rì.

A jókòó lọ́jọ́rú, èmi, súpáfáísọ̀, akọ̀wé, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ẹ̀ka ìkójọ tó ní kó wá jókòó ti òun. Ìlànà wa fàyè gba ìyẹn. Mo bi súpáfáísọ̀ bóyá akọ̀wé béèrè fún àyípadà àkókò lóṣù kẹta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sọ fún un pé òun máa wò ó. Ṣé ó wò ó? Kò wò ó.

Lójú mi, ibẹ̀ ni lẹ́tà náà fẹ́ kú sí. Bí ilé iṣẹ́ kò bá dáhùn ìbéèrè òṣìṣẹ́, báwo ni a ṣe fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tó ti béèrè ìrànlọ́wọ́ lé lórí? Àmọ́ ìlànà kan ṣì wà tí kò kan ọmọ, tí kò kan ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa pẹ́ gbọ́dọ̀ pe súpáfáísọ̀ kí aago tó lu 6:45, kí wọ́n lè wá ẹni tí yóò ṣí sítọ́ọ̀. Mo bi akọ̀wé pé, nínú ọjọ́ márùn-ún tó kù, mélòó ló pè?

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò pè, sà."

"Kí ló dé, àǹtí?"

"Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè. Mo rò pé tí mo bá pè, ariwo ni wọ́n máa pa lé mi lórí, ọjọ́ á ti bàjẹ́ kí n tó dé."

Súpáfáísọ̀ kò sọ nǹkan kan. Mo gbàgbọ́ pé òótọ́ ló sọ, síbẹ̀ òótọ́ náà kò mú ẹ̀bi kúrò: ọjọ́ márùn-ún ni ènìyàn mẹ́wàá dúró nídìí ẹ̀rọ láìmọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìdí tí a fi kọ lẹ́tà nìyẹn. Ìdí tí lẹ́tà náà kò fi le bí súpáfáísọ̀ ṣe fẹ́ kó le ni ọ̀rọ̀ àkókò tí ilé iṣẹ́ kò dáhùn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn nínú lẹ́tà kan náà, kí ẹni tó bá kà á lọ́dún mẹ́ta sí i, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́ bí a ti máa ń ṣe, àmọ́ bó ṣe lọ nìyí:

"Lẹ́tà ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ lórí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Lẹ́tà yìí tẹ̀ lé kúẹ́rì tí a fún yín, èsì tí ẹ kọ, àti ìpàdé tí a ṣe pẹ̀lú yín, níbi tí ẹnì kan tí ẹ yàn ti jókòó tì yín.

Aago méje ni iṣẹ́ yín ń bẹ̀rẹ̀, ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jì yín. A fún yín ní ìkìlọ̀ ẹnu lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ẹ dé ní 7:24 lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin, 7:19 lọ́jọ́ 16 oṣù kẹrin, 7:31 lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin, 7:22 lọ́jọ́ 21 oṣù karùn-ún, àti 7:27 lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún. Ẹ kò pe súpáfáísọ̀ yín kí aago tó lu 6:45 lọ́jọ́ kankan nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí.

Ẹ ṣàlàyé pé ètò ìmúlọ ọmọ yín sí ilé ìwé yí padà níparí oṣù kejì, àti pé ẹ béèrè fún àyípadà àkókò lóṣù kẹta. A gba àlàyé yìí, a sì gbà pé a kò fún yín lésì nígbà náà. A yọ ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún kúrò nítorí ọ̀nà tó dí. Àmọ́ àlàyé yín kò dáhùn ìdí tí ẹ kò fi pè.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, aago méje ààbọ̀ ni iṣẹ́ yín yóò máa bẹ̀rẹ̀, a ó sì tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. A retí pé kí ẹ máa dé lásìkò, kí ẹ sì máa pè ṣáájú 6:45 bí nǹkan kan bá fẹ́ dá yín dúró.

Lẹ́tà yìí yóò wà nínú fáìlì yín fún oṣù mẹ́fà. Bí pípẹ́ láìpè bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò náà, ó lè yọrí sí lẹ́tà ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ìpinnu yìí, ẹ lè kọ̀wé sí máníjà fáktírì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún."

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí "ó lè yọrí sí". Súpáfáísọ̀ fẹ́ kí n kọ "yóò yọrí sí". Ẹni tó bá kọ "yóò" ti dá ẹjọ́ ọ̀la sílẹ̀ lónìí, tí ọjọ́ náà bá sì dé tó jẹ́ pé ọmọ ló ṣàìsàn, ó ti há ara rẹ̀ mọ́ àárín: bóyá kó ṣe ohun tí kò tọ́, bóyá kó fi hàn pé lẹ́tà òun kò ní ìtumọ̀. Mi ò sì pe ìwà rẹ̀ ní orúkọ kankan. Àwọn aago tó wà fún ọjọ́ márùn-ún yẹn ti sọ gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ èébú fẹ́ sọ.

Súpáfáísọ̀ tún fẹ́ kí a lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. A kò lẹ nǹkan kan. Ẹ̀dà kan fún akọ̀wé, ẹ̀dà kan fún fáìlì, ó tán.

Nígbà tí mo gbé e fún un nínú ọ́fíìsì, ó kà á dópin, ó mú bíróò, ó sì dúró.

"Tí mo bá fọwọ́ sí i, kò túmọ̀ sí pé mo ti gbà pé mo jẹ̀bi?"

Mo fi ìlà tó wà lókè ibi ìbuwọ́lù hàn án: ìbuwọ́lù yìí fi hàn pé mo gba lẹ́tà náà, kò fi hàn pé mo fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó bá fẹ́ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun gba lẹ́tà náà, pé ká ní wọ́n dá òun lóhùn lóṣù kẹta, kò ní dé ibí yìí. Ó buwọ́ lù ú. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa á ti ní kó pa á rẹ́, tàbí kí a tẹ òmíràn. Gbólóhùn òṣìṣẹ́ lára lẹ́tà kì í sọ lẹ́tà di aláìlágbára, ó tiẹ̀ ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Bí ó bá sì kọ̀ láti buwọ́ lù ú rárá, ẹlẹ́rìí kan á kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé a fún un lójú òun, ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, pé ó kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ó parí.

Ti kọ́kọ́rọ́ ló wá mú wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó yẹ kó máa ṣí sítọ́ọ̀ ní aago méje ni ọmọkùnrin olùrànlọ́wọ́, èyí tó pẹ́ nígbà méje. Ọwọ́ súpáfáísọ̀ ṣíífù alẹ́ la gbé kọ́kọ́rọ́ kejì sí. Òun ló ń ka àpò róbà tí ẹ̀rọ máa fi bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sílé, ó sì ń buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ṣọ́ gééètì ń fi aago fóònù wo aago ẹ̀rọ láràárọ̀ Mọ́ńdè, ó ń kọ ìyàtọ̀ tó bá rí sínú rẹ́jísítà.

Láàárín oṣù mẹ́fà náà, akọ̀wé pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pè lẹ́ẹ̀mejèèjì kí 6:45 tó kọjá. Ìyẹn kò tó ohun tí ìlànà ń bá ènìyàn wí sí. Ọmọkùnrin náà kò já síbi kan náà. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ ẹnu, ó gba kúẹ́rì tirẹ̀, ó sì fèsì ní ìlà kan ṣoṣo. Ó gba lẹ́tà ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago bíi ti akọ̀wé, ìlà fún ìlà.

Lóṣù kejì lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà akọ̀wé pé, àyè ṣí fún akọ̀wé àgbà nínú sítọ́ọ̀, obìnrin náà sì kọ̀wé fún un. Súpáfáísọ̀ ní kí a fi lẹ́tà ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìgbéga kí wọ́n lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo ti lu òǹtẹ̀ "àkókò rẹ̀ ti parí" sí i lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, mo sì ti yọ ọ́ sínú àpòòwé tí a lẹ̀ sẹ́yìn fáìlì. A ṣì lè nílò rẹ̀ tí ẹjọ́ bá dé, torí bí ilé iṣẹ́ bá sọ ìdí tó fi lé òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ ni yóò fi ẹ̀rí gbe ìdí náà ní kóòtù. Ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ fún un, a sì ti buwọ́ lù ú, pé oṣù mẹ́fà ni. Fáìlì tó lọ síwájú ìgbìmọ̀ kò ní àpòòwé yẹn nínú.